Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Tó-Tó-Tó

Mo kéré lójú, ṣùgbọ́n mo máa ń ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Rodo níbi iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni pè mí ní alágídí, mo gbà. Kí wọ́n pè mí ní ẹlẹ́nu gbọọrọ, mo gbà, ìyá tó bí mi gan-an ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn dìde kó pè mí lólè? Olè kẹ̀! Èmi tí mo máa ń dá ṣéńjì padà fún kọ̀ǹdọ́ tó bá ṣi owó kà!

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ìkànnì kan la ń ṣe lórí ẹ̀rọ ayélujára fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa, ó wà lókè ilé ìtàja bàtà kan, tí a fi máa ń gbọ́ òórùn awọ láti àárọ̀ dalẹ́. Màdáámù tó ni iṣẹ́ wà ní yàrá inú. Èmi tí mo ń kọ̀wé àti olóòtú wa la jọ wà ní yàrá ìta. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni olóòtú yìí. Bírò pupa kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, kò sì sí ìwé tó máa kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní fi àmì sí. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Àmì. Ó rò pé mo fi yìn ín ni.

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń fi ìwé kíkọ jẹun. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sára páálí ọṣẹ, mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú kà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, mo ti kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé fún ọlọ́jà kan tí kò tíì ka ìwé náà títí di òní. Nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ mi ò sí níbì kankan. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé yìí lẹ́yìn ìlera: kí n rí orúkọ mi lẹ́yìn ìwé kan kí n tó darúgbó.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ara mi yá gágá nígbà tí Màdáámù ní kí n kọ àpilẹ̀kọ lórí bí ìyá ṣe máa gbé ọmọ sọ́mú tí orí ọmú ò fi ní là. Mo gba ilé ìgbẹ̀bí lọ. Mo bá àgbà agbẹ̀bí kan níbẹ̀, obìnrin abara-le tó ń rìn bí ẹni tó fẹ́ bá ilẹ̀ jà, Ìyá Agbẹ̀bí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ ọmọ sí. Mo ní, “Mọ̀mọ́, ṣé kí n fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀?” Ó ní kí n gbà á, pé ohùn òun ò ní tán. Wákàtí kan gbáko ló fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibì kan, ó la ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, ó sì yára di apá mi mú. “Ìyẹn, má kọ ọ́ o! Ọkọ mi ṣì wà láyé.” Mo rẹ́rìn-ín títí tí ojú mi fi domi. Mo ṣèlérí pé mi ò ní kọ ọ́.

Mo délé, mo kọ àpilẹ̀kọ náà ní ọjọ́ méjì, mo kó o fún Bàbá Àmì. Mo rò pé ó máa yìn mí. Kò tíì pé wákàtí kan tó fi ké sí mi.

“Rodo, wá ńbí.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jẹun tán.”

“Gbé oúnjẹ náà dání.”

Ó ti tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Ọ̀kan ni ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tí mo yá lọ́wọ́ Ìyá Agbẹ̀bí, èkejì ni àpilẹ̀kọ mi. Ó ní kí n ka ìlà kan níbí, kí n ka ìlà kan lọ́hùn-ún. Mo kà á. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ibi tí ìwé ti kọ “ìyá,” èmi kọ “abiyamọ.” Ibi tí wọ́n ti kọ “ó yẹ,” èmi kọ “ó tọ́.” Ìyókù, bákan náà ni wọ́n rí, títí kan kọ́mà.

“O rẹ aṣọ aláṣọ láró, o ní tìẹ ni,” Bàbá Àmì sọ bẹ́ẹ̀ láìgbé ojú sókè.

“Bàbá! Mo kọ orúkọ ìwé náà sísàlẹ̀! Ẹ wò ó!”

“Mo rí i. Ìyẹn ń sọ fún òǹkàwé pé ibẹ̀ lo ti mú òye. Kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu oníwèé gan-an lo gbé kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ wọn lo fẹ́, fi àmì àyọlò há a láàárín, má yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, kó o wá kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọdún, àti ojú ewé tó wà. Bó bá jẹ́ òye rẹ̀ lo fẹ́, pa ìwé náà dé. Sọ ọ́ bó o ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò rẹ ní ìdáná. Síbẹ̀ náà, sọ ibi tó o ti gbọ́ ọ.”

“Pé ọmọ tuntun máa ń sunkún ńkọ́? Kí n wá orúkọ ẹni tó sọ ìyẹn náà?”

“Ìyẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, kò lólúwa. Má fi mí ṣẹ̀sín, Rodo.”

Ìbínú gbé mi dé ọ̀fun. Ẹni tó bá ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ló pa. Mo lọ jókòó, mo há ìlà mélòó kan sínú àmì àyọlò, mo pa ìwé dé, mo tún ìyókù kọ, mo ń kùn bí oyin. Kí n tó parí, Bàbá Àmì ti ń gbọ́ ohùn Ìyá Agbẹ̀bí nínú fóònù mi, ó ń wo ìwé mi bó ti ń gbọ́ ọ. Èmi ti kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà bí ẹni pé èmi ni mo rò ó. Ó mú gbogbo rẹ̀ padà sínú àmì àyọlò, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló dá ohùn dúró.

“O fo nǹkan kan níbí.”

“Ìyá Agbẹ̀bí ni wọ́n ní kí n má kọ ọ́.”

“Má kọ ọ́, o ṣèlérí. Ṣùgbọ́n má so orí ọ̀rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan láàárín. Jẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.” Ó yọ bírò pupa lẹ́yìn etí, ó kán an sórí ìwé: tó, tó, tó. Àmì mẹ́ta, ó tò wọ́n tẹ̀léra.

Mo yarí kanlẹ̀. Mo ní ó dà bí ìgbà tí eṣinṣin ṣu sórí ìwé. Mo ní ta ló ń wo irú rẹ̀. Màdáámù yọjú láti inú, ó ní ta ló ń pariwo. Bàbá Àmì ní, “Àmì ni à ń ṣe, Màdáámù.” Màdáámù padà sínú. Bí ọ̀rọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí ṣe jáde lórí ìkànnì nìyí, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀:

“Ọmọ mi kẹta ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọmú mi là yánnayànna. Bí mo bá ti rántí pé ó tó àsìkò oúnjẹ rẹ̀, ẹkún ni… Ọjọ́ tí mo dúró kó kọ́kọ́ la ẹnu gbàgà, tí mo wá gbé e sún mọ́ àyà mi, tó gba orí ọmú pọ̀ mọ́ ibi dúdú tó yí i ká, ọjọ́ náà ni ìrora mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.”

A kọ orúkọ Ìyá Agbẹ̀bí sí i, a kọ iṣẹ́ rẹ̀, a kọ ọjọ́ tí mo bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá ọlọ́mọ gba àpilẹ̀kọ náà bí ẹni gba omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Láàárín oṣù kan, ilé ìwòsàn ńlá kan kọ̀wé sí wa. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan tí wọ́n á máa fún gbogbo obìnrin tó bá bímọ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti yan èèyàn méjì tí ọ̀kan nínú wọn máa kọ ọ́, orúkọ ẹni náà ló sì máa wà lẹ́yìn ìwé. Èmi ni ọ̀kan. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá jó yí tábìlì Bàbá Àmì ká. Kódà, mo gbá a mọ́ra.

Ẹnì kejì ni ọkùnrin kan tó ní ìkànnì tirẹ̀, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú ọmọ. Àwòrán rẹ̀ wà lókè gbogbo ojú ewé, ó so táì pupa, ó kájọ́ ọwọ́ sáyà. Ọ̀gbẹ́ni Táì ni mo ń pè é. Mi ò kà á sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ìméèlì mìíràn dé. Màdáámù pè mí wọ inú, kò ní kí n jókòó. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti fi ẹ̀rọ tó ń wá àdàkọ yẹ iṣẹ́ wa wò. Ẹ̀rọ náà ní mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ inú àpilẹ̀kọ mi ló bá ti ẹlòmíràn mu, èyí tó pọ̀ jù sì bá ojú ewé Ọ̀gbẹ́ni Táì mu. Déètì tiẹ̀ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú tèmi. Kí n yọjú ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, kí n wá sọ tẹnu mi.

“Abájọ,” Màdáámù sọ. “Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn tó ń wọ orí ìkànnì wa ti ń dín kù. Bí èèyàn bá wá ọ̀rọ̀ yẹn lórí ẹ̀rọ, tiẹ̀ ló ń jáde. Bí ẹ̀rọ bá rí ohun kan náà níbi méjì, ọ̀kan ló máa ń mú, kì í fi èkejì han èèyàn.” Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Rodo, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní o jí i, mi ò ní lè gbà ọ́ síṣẹ́ níbí mọ́. Ta ló tún máa fún ọ ní ìwé kọ lẹ́yìn ìyẹn?”

Mo jáde sí yàrá ìta. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi pọ̀: mo ní mo máa lọ bá ọkùnrin náà nílé, mo máa fi táì yẹn fún un lọ́rùn. Bàbá Àmì ní kí n jókòó. “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ló wí. Ó tẹ ojú ewé Ọ̀gbẹ́ni Táì jáde láti inú ẹ̀rọ, ó nà án sí mi. Mo ka ìlà kan, mo rí ọ̀rọ̀ ara mi, mo sọ ìwé náà sílẹ̀, mi ò lè kà á dé ìdí. Ó mú un, ó kà á. Nígbà tó dé àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá gíláàsì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

“Bàbá, ẹ̀rín wo nìyí? Iṣẹ́ mi ló fẹ́ bọ́ yìí!”

“Kò ní bọ́. Pe Ìyá Agbẹ̀bí, kó wá lọ́jọ́ náà. Mú fóònù tó o fi gba ohùn rẹ̀ dání. Tá a bá débẹ̀, kó o pa ẹnu mọ́ títí n ó fi ní kó o là á.”

“Èmi? Kí n pa ẹnu mọ́?”

“Gbìyànjú rẹ̀. Ó lè má pa ọ́.”

Ọjọ́bọ̀ pé. Yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn náà tutù bí ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì gígùn, ṣùgbọ́n dókítà obìnrin àgbà kan tó jẹ́ alága ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Táì ti jókòó, táì pupa náà ló so. Ó tẹríba fún mi bí ẹni tó ń kẹ́dùn ọ̀fọ̀. Mo bu ètè mi jẹ. Ìyá Agbẹ̀bí kò tíì dé, obìnrin mẹ́ta ló ń rọbí lọ́wọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Alága na ìwé sí wa. “Mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Iye náà pọ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ?”

Bàbá Àmì dìde, ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, ó di tíṣà lójú gbogbo wa. “Ẹ ṣé, Dókítà. Ẹ̀rọ yẹn kì í mú olè. Ọ̀rọ̀ tó bá jọra ló ń mú, èèyàn ló sì máa wò ó bóyá olè ni. Ẹ wo ohun tó fi àwọ̀ kùn. Àkọ́kọ́, àkójọ orúkọ ìwé tó wà nísàlẹ̀. Orúkọ ìwé kì í yí padà, ibikíbi tó bá wà, bákan náà ló máa rí. Èkejì, ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nínú àmì àyọlò, orúkọ oníwèé àti ojú ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ àwọn yẹn kúrò, kẹ́ ẹ sì yọ ojú ewé ọ̀gbẹ́ni yìí kúrò, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò.”

Akọ̀wé wọn tẹ kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa ń gbọ́ bí bọ́tìnì ṣe ń dún. “Mẹ́ta,” ó sọ. “Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.”

“Ìyókù wá kù láàárín àwa àti ọ̀gbẹ́ni,” Bàbá Àmì sọ.

“Déètì tèmi ló ṣáájú,” Ọ̀gbẹ́ni Táì yára sọ. “Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí i.”

“A rí i. Ẹni tó bá ni ìkànnì lè kọ déètì tó bá wù ú síbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni, ìwọ náà mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi déètì sílẹ̀ ná. Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo kọ ojú ewé yìí?”

“Èmi fúnra mi. Láti inú orí mi, láti inú ìrírí mi.”

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ọ?”

“Kò sí.”

“Ẹ gbọ́ o. Ìrírí rẹ̀ ni.” Bàbá Àmì na ìwé sí i. “Jọ̀ọ́, ka ìpínrọ̀ kẹrin fún wa, kó dún dáadáa.”

Ọkùnrin náà ha ọ̀fun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn ńlá: “Ọmọ mi kẹta ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọmú mi là…”

Ó dúró.

“Ó ku díẹ̀,” Bàbá Àmì sọ jẹ́jẹ́. “Ọmú rẹ là, a gbọ́. Ó là báwo?”

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Akọ̀wé ló kọ́kọ́ fi ìwé bo ẹnu. Alága gbìyànjú títí, èjìká rẹ̀ ti ń mì. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n pe dókítà oníṣẹ́ abẹ wá. Èmi, mo ti ṣèlérí pé n ó pa ẹnu mọ́, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, omijé ń jáde lójú mi. Ọkùnrin náà ti kó ọ̀rọ̀ obìnrin, ó ti ṣí àmì àyọlò kúrò lára rẹ̀, ó ti yọ orúkọ rẹ̀, ó fi “mo” sílẹ̀ síbẹ̀, ó fi àwòrán ara rẹ̀ sórí rẹ̀! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú olè le. Ó nu ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ má bínú. Mo gbàgbé ni. Obìnrin kan ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àmì ni mo gbàgbé láti fi sí i. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan náà ti bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀, àbí? Èmi sì ni mo kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rín kú nínú yàrá náà. Mo rí i lójú alága pé ó ń rò ó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú wọn lóòótọ́, kí obìnrin kan sọ ìtàn kan náà fún èèyàn méjì. Mo wo Bàbá Àmì. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de oúnjẹ tó ti jinná.

“Ó dáa. Obìnrin kan ló sọ ọ́ fún ọ. Kí wá ni tó-tó-tó mẹ́ta yìí?”

“Èwo?”

“Lẹ́yìn ‘ẹkún ni.’ Àmì mẹ́ta nìyí. Ó wà nínú tiwa, ó wà nínú tìẹ, ojú kan náà. Kí ni iṣẹ́ wọn?”

Ọ̀gbẹ́ni Táì wò ó bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. “Àwọn… èèyàn kàn máa ń fi sí i ni. Kó lè lẹ́wà.”

“Kò lẹ́wà,” ni mo sọ. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. “Ó dà bí ìgbà tí eṣinṣin ṣu! Wọ́n máa ń fi sí i láti fi hàn pé a gé ọ̀rọ̀ kúrò níbẹ̀ ni!”

“Ẹ gbọ́ ohun tó sọ,” Bàbá Àmì wí. “Ẹni tó bá gé ọ̀rọ̀ mọ ohun tó gé. Ọ̀gbẹ́ni, kí ni obìnrin náà sọ fún ọ níbẹ̀?”

Ọ̀gbẹ́ni Táì fọwọ́ kan táì rẹ̀. “Mi ò rántí. Ó ti pẹ́. Nǹkan… nǹkan nípa ọmú ni.”

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Agbẹ̀bí wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń mí gúlegúle, ó ní àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn yín máa pa èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. A kí i, ó jókòó. Alága sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ọ̀gbẹ́ni yìí ní òun bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ìyá Agbẹ̀bí wo ọkùnrin náà láti bàtà dé táì. “Èyí? Mi ò rí i rí. Ta ni bàbá rẹ̀?”

“Mọ̀mọ́,” Bàbá Àmì sọ, “ẹ sọ ìtàn ọmọ yín kẹta fún wa. Ẹ má fo nǹkan kan o, bí kò bá ni yín lára.”

Obìnrin náà wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò. Mo ní, “Mọ̀mọ́, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá nìkan ló gbọ́ ọ nínú fóònù, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bẹ́ ò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.” Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ṣíọ̀! Ọkọ mi náà mọ̀ ọ́n. Mo ní ọmú mi là yánnayànna, bí mo bá ti rántí pé ó tó àsìkò oúnjẹ rẹ̀, ẹkún ni. Ìyá ọkọ mi wá dúró tì mí, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní àṣejù ló ń dà mí láàmú, pé nígbà tiwọn, àwọn fún ọmọ lọ́mú bí akọni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ìgò ló sì fi tọ́ ọn dàgbà! Ọkọ mi yẹn! Ọmọ ìgò ni!”

Mo tẹ fóònù mi lẹ́sẹ̀ kan náà. Ohùn rẹ̀ tún jáde láti inú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà, “ọmọ ìgò ni!”, déètì ọjọ́ tí mo gbà á sílẹ̀ sì hàn gbangba lójú fóònù. Alága kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, ó gbé orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni olóhun, ẹ̀yin èèyàn, inú mi dùn débi tí mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí!

Ọ̀gbẹ́ni Táì ń kó ìwé rẹ̀. Alága nu ojú, ohùn rẹ̀ le. Ó ní kó yọ ojú ewé náà kúrò lónìí, kó sì mọ̀ pé wọn ò ní fi iṣẹ́ kankan lé e lọ́wọ́ níbẹ̀ títí láé. Ọkùnrin náà yọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tiwa ló tún ń jáde bí èèyàn bá wá ọ̀rọ̀ náà.

“Ìwé náà di tìrẹ,” alága sọ fún mi. “Orúkọ wo ni ká kọ sẹ́yìn rẹ̀? Má sọ fún mi pé Rodo.”

Mo sọ orúkọ mi fún un. Gbogbo rẹ̀, orúkọ àti orúkọ bàbá mi. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i, mo sì sọ fún un lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì. Bàbá Àmì yíjú sí fèrèsé, ó ń fọn imú. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù yẹn ló fa ọ̀fìnkìn.

A ti ń dìde nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí ní, “Ẹ dúró ná. Ìwé tí ẹ ń jà lé lórí yìí, èmi ò tíì rí i.” Òtítọ́ ni, kì í lo ẹ̀rọ ayélujára. Mo fún un ní èyí tí a tẹ̀ jáde. Ó wá gíláàsì rẹ̀ nínú àpò aṣọ iṣẹ́, ó na ìwé náà jìnnà sójú, ó kà á sókè, ó rọra ń kà á, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé ìdí rẹ̀, níbi tí orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó tún un kà. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

“Ọdún mẹ́rìndínlógójì,” ó sọ. “Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ìyá. Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré ń sọ ọ́, àwọn dókítà ń sọ ọ́, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Kò sẹ́ni tó sọ rí pé èmi ni mo sọ ọ́.”

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó tì í bọ àpò àyà rẹ̀, ó sì fọwọ́ bò ó. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, ojú ò sì tì mí rárá.